Sífíì 43, Àyè Ẹnì Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Sẹ́ Wọn Fúnra Yín

Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé ni mo ní ní Òjóò, n'Íbàdàn. Mò ń ta páìpù, táàpù, ọ̀dà àti wáyà iná. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èmi nìkan fi ń tà, tí mò ń kọ̀wé, tí mo sì ń ka ọjà. Ìgbà tí mo wá fẹ́ gba ẹnì kan, ẹni àkọ́kọ́ pàá, mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sí gúrúùpù Wásáàpù méjì. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, sífíì 43 ti wà lórí fóònù mi. Mi ò ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mi ò sì ní ẹ̀rọ kankan tó ń bá èèyàn yẹ ìwé wò. Ìwé kíkọ ogójì ewé, bírò, fóònù àti àṣálẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: sífíì kò lè sọ ẹni tí ẹ máa gbà fún yín. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ ẹni tó yẹ kí ẹ fi wákàtí kan yín bá sọ̀rọ̀. Ẹni 43 ò lè wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá jókòó, àmọ́ ẹni mẹ́rin lè wá. Iṣẹ́ sísẹ́ ni pé kí ẹni mẹ́rin yẹn jẹ́ àwọn tó yẹ, kó má jẹ́ àwọn tí ìwé wọn kàn dán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí sífíì kankan

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ gbogbo ohun tó ń gba àkókò mi sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ọjà títà ni mo fẹ́ kí ẹnì kan gbà lọ́wọ́ mi. Ìwé náà sọ nǹkan míì. Ohun tó ń pa mí ni ìṣirò alẹ́: owó inú dúrọ́ọ̀, owó orí POS, tíráńsífà tó wọlé àti èyí tí wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ tí kò tíì wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbígba ọjà lọ́wọ́ dírẹ́bà, tí èèyàn ní láti kà á mọ́ iye tó wà lórí wéébììlì kí ó tó fọwọ́ sí i. Ọjà títà gan-an ló ṣe ìkẹta.

Láti inú ìwé yẹn ni mo ti yọ ọ̀ranyàn mẹ́ta. Ìkíní, kí ẹni náà ti di owó ẹlòmíì mú rí, kó sì ti máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Ibi yòówù tó ti ṣe é kò kàn mí, yálà ṣọ́ọ̀bù, ilé oògùn tàbí àpótí owó ẹgbẹ́. Ìkejì, kó lè kọ ohun tí oníbàárà máa kà tó máa yé e. Ìkẹta, kó lè dé ṣọ́ọ̀bù ní aago méje ààbọ̀ lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ láti ibi tó ń gbé, kí owó oṣù ₦80,000 sì tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọkọ̀ kúrò.

Ẹ wò ó pé mi ò fi ìmọ̀ nípa páìpù sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti kọ́ èèyàn ní ìyàtọ̀ páìpù ínṣì kan sí ti ìlàjì ínṣì. Ohun tí ẹ bá lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹnì kan, ẹ má fi sẹ́ ẹ dànù.

Mi ò fi ìwé ẹ̀rí sí i náà, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í. Ìwé tí mo kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ní «HND tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ», mi ò sì dárúkọ owó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn tó kọ̀wé wá jẹ́ àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ báńkì, ọ̀kan sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé bí wọ́n bá pe òun, òun á lọ. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni HND máa ṣe nínú ìṣirò alẹ́ tí ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta tajà kò lè ṣe. Mi ò rí ìdáhùn, mo bá já ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí ìkéde yín bá yín sẹ́ díẹ̀

Sífíì tí wọ́n ń kọ lọ́dọ̀ wa, ilé kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Èèyàn á lọ bá onítáìpù, onítáìpù á ṣí fáìlì ẹlòmíì, á pààrọ̀ orúkọ àti ilé ìwé, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú 43 tí mo gbà, mẹ́rin ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wọn bá ara wọn mu láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì, títí kan àṣìṣe kan náà nínú sípẹ́lì. Ìpínrọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹni náà, bó dára tàbí kò dára. Onítáìpù lẹ̀ ń kà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé wá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ Wásáàpù tí wọ́n fi sífíì ránṣẹ́, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí onítáìpù tó ní ìdáhùn wọn nílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni: níbo lẹ ti di owó ẹlòmíì mú rí, fún ìgbà wo, kí lẹ sì fi ń kọ ọ́ sílẹ̀? Èkejì ni: ní àṣálẹ́, owó inú dúrọ́ọ̀ fi ₦3,500 dín sí iye káàṣì tó wà nínú ìwé, kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ̀kẹta ni: àdúgbò wo lẹ ń gbé, ọjọ́ wo lẹ sì lè bẹ̀rẹ̀?

Mo tún kọ owó oṣù sí i ní gbangba. Láti ọdún 2024 tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ti di ₦70,000, orí iye yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn. Ẹ sọ ti yín kí ẹni tí kò bá wù lè yọ ara rẹ̀ kúrò kí ẹ tó ka ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá fi owó pamọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa rí i nígbà tí ẹni tó dára jù bá gbọ́ iye tó sì dìde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nọ́mbà, kì í ṣe orúkọ

Sífíì ilẹ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò kan iṣẹ́: ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá ó ti ṣègbéyàwó, nígbà míì fọ́tò ńlá. Kí ojú tó dé ibi iṣẹ́ tó ti ṣe, ọkàn ti yan. Mo mọ̀ nípa ara mi pé bí mo bá rí ẹni tó wá láti ìlú ìyá mi, mo ti ń wá ìdí láti gbà á nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi tún un ṣe. Ó fún sífíì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà bó ṣe wọlé, ó kọ orúkọ àti nọ́mbà fóònù sí ewé kan tó fi sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì da ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà kọ sábẹ́ nọ́mbà nínú ìwé ogójì ewé. Ìdáhùn ni mo kọ́kọ́ ń kà. Sífíì fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ibi «iṣẹ́ tí mo ti ṣe», mi ò sì ń gòkè dé orí ewé. Kì í ṣe pé ojú mi bò pátápátá o. Mo ṣì rí orúkọ méjì tí mo dá mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dín ariwo kù.

Bí kò bá sí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi ewé kan bo ìdá kan nínú mẹ́ta lókè ojú fóònù nígbà tí ẹ bá ń kà. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìsẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀ranyàn nìkan

Àṣálẹ́ kìíní, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mi ò wá ẹni tó dára. Mo kàn ń béèrè bóyá ọ̀ranyàn mẹ́ta náà wà. Àmì mẹ́ta ni mo lò: «ó wà», «kò sí», àti àmì ìbéèrè.

Àmì ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ nípa ara wọn. Ẹnì kan kọ «sẹ́ẹ̀sì gẹ́ẹ̀lì, 2021 sí 2023» láìfi nǹkan míì kún un. Bóyá ó di owó mú, bóyá aṣọ ló kàn ń ká, ìwé kò sọ. Bí ẹ bá ju irú ẹni bẹ́ẹ̀ nù, ẹ̀ ń sẹ́ àwọn tó mọ sífíì kọ, kì í ṣe àwọn tó mọ iṣẹ́.

Bó ṣe lọ lọ́dọ̀ mi nìyí. Nínú 43, àwọn 11 kò dáhùn ìbéèrè kankan. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan pére, mo fún wọn ní ọjọ́ méjì. Àwọn 5 dáhùn, 6 kò fèsì, ó ku 37. Nínú àwọn 37 náà, 18 ní gbogbo ọ̀ranyàn, 12 kò ní i, 7 gba àmì ìbéèrè. Mo bi àwọn 7 náà ní ìbéèrè kan tó bá ibi tí kò yé mi mu, 4 nínú wọn sì bọ́ sí ìhà tó dára. Ẹni 22 ló wọ ìsẹ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn ń gbé nílò ìṣọ́ra. Ẹnì kan ń gbé Àpáta, èkejì ń gbé Akóbọ̀. Mo ti fẹ́ fi «kò sí» sí iwájú wọn torí ọ̀nà jìn sí Òjóò. Mo wá rántí pé ìbéèrè ni kí n bi wọ́n, kì í ṣe kí n bá wọn pinnu. Ẹni Àpáta ní òun ti ń kó lọ sí Mọníyà lópin oṣù. Ẹni Akóbọ̀ ṣírò owó ọkọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ ní kí n fi òun sílẹ̀.

Kíka ọdún tó wà nínú sífíì

Ibí ni ẹni tí kò mọ̀ ti ń ṣi èèyàn dá lẹ́jọ́ jù, nítorí náà màá dúró díẹ̀.

Bí ẹ bá rí àlàfo láàárín ọdún, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tó wà ní yunifásítì ìjọba láàárín 2020 sí 2022 lè pẹ́ ju iye ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ láìsí ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta 2020 títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Wọ́n tún dá a sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Èyí nìkan ti lé ní ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó fi ọdún mẹ́fà ka ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin lè máà tí ì fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan ṣoṣo.

Ti pólì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. OND ọdún méjì, ọdún kan fún iṣẹ́ kíkọ́ níta, kí HND ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Àlàfo ọdún kan tó wà láàárín OND àti HND, ètò ni, kì í ṣe ìjókòó lásán. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni ibi tó ti lo ọdún yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tòótọ́ lè wà tí kò kọ sínú ìwé. NYSC ńkọ́? Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lẹ́yìn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìwé ìdásílẹ̀ ló ń gbà, kì í sin ìlú. Fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Àlàfo tó kù, ọmọ bíbí, àìsàn, ìtọ́jú òbí, iṣẹ́ tó parẹ́, gbólóhùn kan tó fún un: «Mo rí i pé ẹ kò kọ nǹkan kan sí 2023. Kí lẹ ń ṣe nígbà yẹn?» Ẹ má béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kó dá yín dúró ni èyí tí ọdún rẹ̀ gun ara wọn. Nọ́mbà 17 kọ pé òun ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ ní Èkó, oṣù kan náà tó ní òun wà ní kíláàsì l'Ẹ́dẹ. Ó lè jẹ́ àṣìṣe onítáìpù. Mo bi í. Ọdún méjì tó yàtọ̀ ló tún fún mi nínú ìdáhùn kan. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fífi máàkì sí i

Àṣálẹ́ kejì. Ohun mẹ́rin ni mo fi máàkì sí, láti 0 dé 3: owó àti ìwé owó, ọjà kíkà, ìdáhùn sí ìbéèrè ₦3,500, àti kọ̀ǹpútà tàbí ìwé ìṣirò orí fóònù. Kí máàkì má baà jẹ́ bí inú mi ṣe rí lálẹ́ yẹn, mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. 0 ni pé kò sí níbẹ̀. 1 ni pé ó sọ ọ́ lẹ́nu lásán, bíi «mo mọ ìṣirò dáadáa». 2 ni pé ó sọ ibi tó ti ṣe é àti ìgbà tó ṣe é. 3 ni pé ó sọ ibẹ̀, ó sọ ìgbà, ó tún fi iye tàbí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kún un.

Wọn ò wúwo bákan náà. Owó ni mo sọ di ìlọ́po mẹ́ta, ọjà kíkà àti ìdáhùn ní ìlọ́po méjì, kọ̀ǹpútà dúró bó ṣe wà. Iye tó ga jù ni 24. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé ìṣirò orí fóònù, tí òpó B dúró fún owó, C fún ọjà, D fún ìdáhùn, E fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí sí òpó F ní ìlà kejì, kí ẹ sì fà á wálẹ̀:

```
=B2*3+C2*2+D2*2+E2
```

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni mẹ́ta hàn yín.

Nọ́mbà 9 ní HND nínú ìṣirò owó, sífíì rẹ̀ jẹ́ ewé mẹ́ta, ó dán gbinrin. Nígbà tí mo wá ibi iṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó «ran ẹ̀ka ìṣúná lọ́wọ́» lásìkò tó ń sin ìlú. Kò sọ iye, kò sọ ohun tó ń kọ. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kejì ni pé òun á ṣe àyẹ̀wò fínnífínní pẹ̀lú òtítọ́ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Owó 1, ọjà 0, ìdáhùn 1, kọ̀ǹpútà 3. Ó jẹ́ 8.

Nọ́mbà 22 ní OND, ó sì ti ṣe kaṣíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Owó 2, ọjà 1, ìdáhùn 2, kọ̀ǹpútà 2. Ó jẹ́ 14.

Nọ́mbà 31 ní ìwé ẹ̀rí WAEC nìkan. Ewé kan ni sífíì rẹ̀, àṣìṣe wà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sínú gaàrí. Ó ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní páálí páálí. Ó kọ ọ́ pé káàṣì tó ń gba ọwọ́ òun kọjá lọ́jọ́ ọjà máa ń tó ₦400,000, pé ìwé méjì ni òun ń lò, ọ̀kan fún káàṣì, ọ̀kan fún àwìn, pé òun sì ń ka páálí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìdáhùn rẹ̀ rèé bó ṣe kọ ọ́: «Màá kọ́kọ́ wò ó bóyá mo kọ tíráńsífà mọ́ káàṣì. Lẹ́yìn náà owó pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, torí wọ́n máa ń mú un láìkọ. Lẹ́yìn náà bóyá mo fún ẹnì kan ní ṣéńjì jù. Bí mi ò bá rí i, màá sọ fún ọ̀gá lálẹ́ yẹn.» Owó 3, ọjà 2, ìdáhùn 3, kọ̀ǹpútà 1. Ó jẹ́ 20.

Kí ni mo rí nínú ìdáhùn yẹn tí mo fi fún un ní 3? Gbogbo ohun tó dárúkọ ló ń mú kí dúrọ́ọ̀ dín ju ìwé lọ lóòótọ́. Àwọn méjì míì ní àwọn á wò ó bóyá àwọn ṣì jẹ oníbàárà ní ṣéńjì. Ó jọ ìdáhùn ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ẹ bá jẹ oníbàárà ní ṣéńjì, owó yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ńṣe ni dúrọ́ọ̀ máa lé. Ẹni tó ti ṣírò owó alẹ́ rí mọ ìhà tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń fà á sí. Irú ìbéèrè báyìí wà nínú òwò tiyín náà, ẹ ronú ohun tó máa ń dà yín láàmú ní alẹ́ kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ̀tàn kan wà nínú máàkì o. Ojú máa ń le nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ bí oorun bá ń bọ̀. Nígbà tí mo parí ẹni 22, mo padà fi máàkì tuntun sí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ láìwo ti tẹ́lẹ̀. Méjì gòkè ní 3, ọ̀kan sì tipa bẹ́ẹ̀ wọ àwọn mẹ́fà òkè. Ká ní mi ò padà ni, ó ti lọ nìyẹn. Mo tún fún ọkọ mi ní mẹ́fà kó fi máàkì tirẹ̀ sí i láìrí tèmi. Mẹ́rin bára mu tàbí kó yàtọ̀ ní 1 tàbí 2. Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú méjì yòókù, a sì rí i pé kì í ṣe ẹni náà la ò fẹnu kò lé lórí. Ìtumọ̀ «ọjà kíkà» ni. Òun ń fún ẹni tó kàn to ọjà sórí pẹpẹ ní máàkì. A ṣàtúnkọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì tún òpó yẹn ṣe fún gbogbo wọn.

Ọmọ ẹni tí a mọ̀

Kò sí bí ẹ ṣe máa gba èèyàn síṣẹ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí ò ní mú ọmọ wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí: «Ṣé ẹ̀ẹ́ wá gba ará ìta nígbà tí ọmọ wa wà nílé?» Mi ò jiyàn. Mo ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ ní kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí nọ́mbà kan náà tí gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́ sí.» Ó fi ránṣẹ́, ó gba nọ́mbà 38, ó sì ní 11. Nígbà tí mo ní láti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Kò dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé mi ò fi ojú burúkú wo ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ìpè yìí ṣì jẹ́ ara sísẹ́. Àṣálẹ́ kẹta ni mo pe àwọn mẹ́fà tó ní máàkì jù. Àbúrò mi ti wá fún mi ní ewé orúkọ. Ohun kan náà ni mo bi gbogbo wọn, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kan náà, mo sì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ.

Mo tún owó oṣù àti aago àárọ̀ sọ, mo dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn. Ọ̀kan ní òun rò pé owó náà á gòkè lẹ́yìn oṣù kan. Mo ní kò ní gòkè kí ọdún tó yí, ó dúpẹ́, ó sì yọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní: «Ẹ sọ ọjọ́ ọjà kan fún mi ní ibi iṣẹ́ yín, láti ìgbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn títí tí ẹ fi tì í.»

Ìbéèrè yìí kò lẹ́gbẹ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ á máa sọ ohun tí kò sí ẹni tó máa ronú láti fi parọ́: pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS máa ń lọ tó bá di ọ̀sán, pé ẹnì kan fi fọ́tò tíráńsífà hàn án tí álẹ́ẹ̀tì kò sì wọlé títí di òní, pé wọ́n ń lọ ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ onípọ̀fù-pọ́ọ̀fù ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tí kò ṣe é á máa sọ irú èèyàn tí òun jẹ́: «Mo jẹ́ ẹni tó múra sí iṣẹ́.» Nínú márùn-ún tó kù, ẹnì kan bọ́ síbẹ̀. Ó ní máàkì 16 lórí ìwé, ó sì ti kọ iye àti ọjọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá àti aago kan. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, torí ojora fóònù wà. Kò yàtọ̀. Ẹni mẹ́rin ló ṣẹ́kù, nọ́mbà 31 àti 22 sì wà nínú wọn.

Yíyẹ ìwé ẹ̀rí wò, ẹ fi sílẹ̀ di ẹni tí ẹ ti fẹ́ gbà nìkan. Bó bá jẹ́ WAEC, ẹ ní kó mú nọ́mbà ìdánwò rẹ̀ àti ọdún tó ṣe é wá, kí ẹ ra káàdì, kí ẹ jọ ṣí i ní `waecdirect.org`. Onídùúró náà, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ wà. Ẹ má gba nọ́mbà NIN tàbí fọ́tò lọ́wọ́ ẹni 43 torí pé ẹ máa gba ẹnì kan.

Bí ẹ bá sì fẹ́ pe ibi iṣẹ́ tó ti wà, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ọ̀gá àtijọ́ lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn: ṣé láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí ló fi wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá? Bí ẹ bá ní «irú èèyàn wo ni», inú tó dùn tàbí tó bàjẹ́ nígbà tó kúrò lẹ máa gbọ́.

Àwọn tó kù

Ọjọ́ kejì tí mo pe àwọn mẹ́rin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó kù, ẹnì kọ̀ọ̀kan sí nọ́mbà tirẹ̀: «Ẹ kú àdúrótì. A ti ka ìwé yín. A ò ní lè pè yín fún iṣẹ́ yìí. Màá pa ìwé yín rẹ́ lórí fóònù mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé wá.» Àwọn tó lé díẹ̀ ní ogún ló fèsì, ọ̀pọ̀ wọn ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá àwọn lóhùn.

Pípa á rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọjọ́ ìbí, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́mbà ìyá èèyàn wà nínú sífíì. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ni ojúṣe rẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù pé «ẹ bá mi wo èyí». Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù pé kí n tọ́jú tiwọn fún oṣù mẹ́ta, bí ẹni tí mo gbà bá yí ọkàn padà. Méjì gbà. Àwọn yòókù, mo pa wọ́n rẹ́ lórí Wásáàpù, mo tún wọ inú àpò fáìlì fóònù lọ pa wọ́n rẹ́, torí bí ẹ bá pa á rẹ́ lójú ọ̀rọ̀ nìkan, ó lè ṣì wà níbẹ̀. Ewé orúkọ tí àbúrò mi fún mi, a dáná sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ogójì ewé ṣì wà, nọ́mbà àti máàkì nìkan ni mo fi sílẹ̀ nínú rẹ̀.